Táwà 500 tọ́ọ̀nù wa kò mú omi wá sí 29.4°C rí: ṣé ó kéré ni, àbí nǹkan mìíràn ló ń ṣe é?

Délé Ẹnjiníà, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé ọ́fíìsì kan ní Fitóríà Áílàǹdì ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣílà kan ṣoṣo la ní, ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù; agbára ìtutù rẹ̀ jẹ́ 500 tọ́ọ̀nù, omi ló sì ń gba ooru rẹ̀ lọ. Wọ́n kọ 500 tọ́ọ̀nù sára kúlíǹ-táwà tó ń mú omi yẹn tutù padà lẹ́yìn ilé náà, pọ́ńpù rẹ̀ sì ń gbé 340,000 lítà ní wákàtí kan. Ìwé ṣílà ní kí omi tó ń ti táwà bọ̀ máa jẹ́ 29.4°C. Láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin ọ̀sán, 32 lé díẹ̀ ló máa ń jẹ́, ṣílà á sì máa ké àláàmù pírẹ́ṣọ̀ gíga títí á fi kú. Kọngílá tó ń tọ́jú rẹ̀ fún wa ní táwà ti kéré, ká ra 200 tọ́ọ̀nù kún un. Ohun kejì ni pé omi tí a ń rà ti pọ̀ jù: ó ń lọ sí bíi 60,000 lítà lójúmọ́, tánkà mẹ́fà nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ péré la ń tan ẹ̀rọ. Ṣé táwà yìí kéré lóòótọ́? Mélòó ló sì yẹ kó máa mu?

Kọngílá Òjòdú

Délé, òótọ́ lẹni yẹn sọ fún ọ. Wọn kò ṣe àwọn táwà tó ń wọlé láti òkè òkun yìí fún ojú ọjọ́ Èkó. 500 tí wọ́n kọ sí i lára, 400 ni nílẹ̀ wa. Ohun tó tún fi hàn mí pé ó ti kú ni pé, lọ wọn omi tó ń wọ inú rẹ̀ àti èyí tó ń jáde. Wàá rí i pé kò ju ìwọ̀n márùn-ún ló ń yọ kúrò lára omi. Táwà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ máa yọ mẹ́wàá. Bí owó kò bá sí fún tuntun, ẹ pààrọ̀ mọ́tò fáànù sí èyí tó lágbára jù ú lọ.

Bàbá Táwà

Àbúrò mi Délé, má tíì ra nǹkan kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ kọngílá dára, mo sì fara mọ́ ọn: nọ́ńbà tó wà lára táwà kì í ṣe nọ́ńbà Èkó. Ìdajì kejì ló máa ná yín lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwọ̀n márùn-ún tí omi ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe táwà ló ń yan ìyẹn. Ooru tí ṣílà ń dà sínú omi àti ìwọ̀n omi tí pọ́ńpù ń gbé ló ń yan án. Ṣílà 500 tọ́ọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára ń kó bíi 1,760 kìlówáàtì jáde nínú ilé, iná tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń jẹ, bíi 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, á tún di ooru kún un. Bí o bá da ooru bíi 2,060 kìlówáàtì yẹn sínú 340,000 lítà ní wákàtí kan, omi náà yóò gbóná sí i ní ìwọ̀n márùn-ún lé díẹ̀. Iye ìwọ̀n tó bá fi gbóná sí i náà ni táwà ní láti fi mú un sọ̀ kalẹ̀. Táwà tó kéré àti èyí tó tóbi, márùn-ún kan náà ni wọ́n á yọ. Ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ni ibi tí omi ti máa dúró: ṣé láti 35 sí 30 ni, àbí láti 38 sí 33.

Wẹ́tì-bọ́ọ̀bù, ìyẹn ìwọ̀n tí tẹmómítà tí a fi òwú tútù wé máa ń fi hàn nínú afẹ́fẹ́, ló ń pinnu ibi tí yóò dúró. Táwà kankan kò lè mú omi tutù kọjá wẹ́tì-bọ́ọ̀bù afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀, a kò tilẹ̀ ń dé ibẹ̀. Àlàfo tó kù láàárín omi tó ń jáde àti wẹ́tì-bọ́ọ̀bù la fi ń mọ bí táwà ṣe tó.

Lọ wo pẹlẹbẹ irin tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wàá rí 95/85/78 lórí rẹ̀, Fárẹ́nháìtì ni. Ohun tó ń sọ ni pé omi wọlé ní 35°C, ó jáde ní 29.4, nígbà tí wẹ́tì-bọ́ọ̀bù jẹ́ 25.6. Àlàfo tí wọ́n fi tà á fún yín nìyẹn, 3.8. Bí ó bá jẹ́ àwọn olóbìírípo ti Éṣíà, 37/32/27 ni wọ́n sábà máa ń kọ, àlàfo tiwọn jẹ́ 5. Nítorí náà 500 ti ọ̀hún kì í ṣe 500 ti ìhín.

Ní Èkó, lọ́sàn-án tó mú, wẹ́tì-bọ́ọ̀bù máa ń tó 27.5 sí 28. Bí o bá fẹ́ 29.4 lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àlàfo ìwọ̀n kan àbọ̀ sí méjì lo ń béèrè. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí i fún ọ: CTI tó ń jẹ́rìí sí táwà káàkiri ayé kì í jẹ́rìí sí àlàfo tó kéré sí 2.8°C. Nítorí náà, 29.4 tó wà nínú ìwé ṣílà yín, ẹni tó kọ ọ́ kò ronú nípa Èkó rárá.

Èyí kò tíì sọ pé kò sí àìsàn. Àláàmù pírẹ́ṣọ̀ gíga kò yẹ kó máa ké ní 32. Ní aago méjì ọ̀sán ọ̀la, bá mi wọn nǹkan márùn-ún: wẹ́tì-bọ́ọ̀bù lẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ táwà, wẹ́tì-bọ́ọ̀bù níbi tó jìnnà sí i dáadáa lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, omi tó ń wọ táwà, omi tó ń jáde, àti ìgbóná gáàsì nínú kọ́ńdẹ́nsà, ibi tí gáàsì ṣílà ti ń da ooru rẹ̀ sínú omi táwà, èyí tó máa ń hàn lójú ṣílà gẹ́gẹ́ bíi `Sat Cond Temp`. Bí o kò bá ní ẹ̀rọ wẹ́tì-bọ́ọ̀bù, wé òwú mímọ́ mọ́ ìdí tẹmómítà, fi omi tó mọ́ rin ín, jù ú síwá sẹ́yìn nínú ìbòòji títí nọ́ńbà kò fi ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ìyá Oníyìnyín, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ní ilé iṣẹ́ yìnyín, àmóníà la ń lò. Ṣé ti èmi náà ni ẹ ń sọ? Kò sí táwà níbẹ̀, orí páìpù kọ́ńdẹ́nsà gan-an ni omi ti ń dà lé, tí fáànù sì ń fẹ́ ẹ. Ìṣòro tèmi ni èépá funfun tó lẹ̀ mọ́ páìpù bí ẹni lẹ ṣìmẹ́ńtì mọ́ ọn. Àwọn ọmọ mi ń fi irin gbẹ́ ẹ. Omi kànga la ń lò, a kì í sì í da omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù nítorí ọ̀wọ́n omi.

Bàbá Táwà

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ èyí, ẹ̀rọ yín ló yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n jáwọ́ nínú irin yẹn lónìí. Síńkì tí wọ́n fi bo páìpù ni wọ́n ń ha kúrò, tó bá sì jò, àmóníà ló máa jáde, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Ohun tó ń fa èépá ni pé omi nìkan ló ń di oru lọ, kálísíọ̀mù àti àwọn iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í lọ. Bí ẹ kò bá da díẹ̀ nù, wọ́n á máa kó jọ títí wọ́n á fi di òkúta lórí páìpù. Omi tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ yẹn, kọ́ńdẹ́nsà yín ló ń san owó rẹ̀. Bísí Olómi máa ń ka ibí, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìba páìpù jẹ́.

Ṣọlá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣọ́ra fún táwà o. Níhìn-ín, láti ọdún 1992 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ní kúlíǹ-táwà fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí nínú ìwé, nítorí kòkòrò Lẹ́jíónẹ́là tó ń gbé nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí ìkán omi tíntìntín sì ń gbé wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé ti yọ tiwọn, wọ́n ti lọ ra ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ tutù. Délé, ṣé ẹ ò lè yọ tiyín náà kúrò pátápátá? Omi tí ẹ ń rà á tán níbẹ̀.

Délé Ẹnjiníà

Mo ti wọ̀n ọ́n, Bàbá. Aago méjì ku díẹ̀ ni, oòrùn mú, ṣílà wà ní 97 nínú ọgọ́rùn-ún.

Wẹ́tì-bọ́ọ̀bù níwájú ilé, lápá òkun: 27.6
Wẹ́tì-bọ́ọ̀bù lẹ́nu táwà: 28.9
Omi tó ń jáde nínú táwà: 32.4
Omi tó ń wọlé sí i: 37.5
Gáàsì kọ́ńdẹ́nsà: 43.0

95/85/78 ló wà lára pẹlẹbẹ irin náà bí ẹ ṣe sọ. Mo tún rí ìwé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ṣílà. Nígbà náà, àlàfo láàárín gáàsì àti omi tó ń jáde nínú kọ́ńdẹ́nsà jẹ́ 1.4.

Bàbá Táwà

O káre. Nọ́ńbà wọ̀nyí ti sọ gbogbo rẹ̀. Máa tẹ̀ lé mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Láti 28.9 tó ń wọ táwà sí 32.4 tó ń jáde, 3.5 ni àlàfo. Táwà tí wọ́n tà fún yín ní 3.8 nígbà tí wẹ́tì-bọ́ọ̀bù jẹ́ 25.6, ó yẹ kí àlàfo rẹ̀ dín díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé oru omi púpọ̀ sí i. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kó wà ni 3.2 tàbí níbẹ̀ yẹn. Nítorí náà táwà yín ń pàdánù ohun tí kò tó ìlàjì ìwọ̀n. Gun òkè rẹ̀ lọ, wo àwọn ihò tí omi ń gbà dà sórí ike inú rẹ̀. Wàá rí mélòó kan tí wọ́n ti dí. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ táwà.

Ohun kejì ni 27.6 àti 28.9. Afẹ́fẹ́ ìta ilé sàn ju èyí tí táwà ń mí sínú lọ ní 1.3. Ibo ni ìyẹn ti wá? Láti ara táwà fúnra rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó rin gbingbin tó tú jáde lókè ń padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀: ṣé ògiri wà yí i ká?

Ohun kẹta ló tóbi jù. Omi jáde nínú kọ́ńdẹ́nsà ní 37.5, gáàsì wà ní 43.0. Àlàfo 5.5 nìyẹn, nígbà tó jẹ́ 1.4 lọ́jọ́ tó wà ní tuntun. Ìwọ̀n mẹ́rin lé kékeré ti sọnù sínú ìdọ̀tí tó bo inú túùbù. Ibi tí àláàmù yín ti ń wá nìyẹn. Táwà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kódà bí ẹ bá gbé ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù síbẹ̀.

Wàyí o, ká sọ pé ẹ ra 200 tọ́ọ̀nù kún un. Àlàfo á dín kù, bóyá ìwọ̀n kan lẹ máa rí jẹ. Bí ẹ bá tún gbé e sínú ọgbà kan náà, á máa da oru tirẹ̀ sórí ti àkọ́kọ́, ẹ lè má rí ìwọ̀n kan yẹn pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ túùbù, tí afẹ́fẹ́ tútù sì rọ́nà wọlé, ẹ kà á bá mi: 27.6, fi 3.5 kún un, omi jáde ní 31.1. Fi 5.1 kún un, 36.2. Fi 1.5 ti kọ́ńdẹ́nsà tó mọ́ kún un, gáàsì wà ní 37.7. Láti 43 sí ibẹ̀, ìwọ̀n márùn-ún lé. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí gáàsì bá fi sọ̀ kalẹ̀ máa ń dín iná kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kù ní ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Kọngílá Òjòdú, ọ̀rọ̀ mọ́tò fáànù ńlá yẹn, ẹ ṣọ́ra. Fáànù tí ẹ bá fẹ́ kó gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún máa jẹ iná sí i ní bí ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdámẹ́wàá afẹ́fẹ́ yẹn kò ní ra ju ìdá díẹ̀ nínú ìwọ̀n kan fún yín.

Ṣọlá, o ṣeun fún ìkìlọ̀ náà, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbẹ nínú oòrùn Èkó ní 33 tàbí 34 máa gbé gáàsì wa lọ sí bíi 48 tàbí 50. Owó tí omi kò gbà, iná máa gbà á, dísẹ́ẹ̀lì sì la fi ń tan iná wa lọ́pọ̀ ìgbà.

Délé Ẹnjiníà

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Ògiri wà o! Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni, búlọ́ọ̀kù gan-an. Wọ́n mọ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé táwà síbẹ̀, torí àwọn ayálégbé kò fẹ́ máa rí i. Ó ga ju ibi tí fáànù ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde lọ. Mo dúró sí igun rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ béèrè, ojú dígí mi bo fún oru.

Omi ńkọ́?

Bàbá Táwà

Omi náà ní ìṣirò tirẹ̀, kò sì le. Q ni omi tí pọ́ńpù ń gbé ní wákàtí, ΔT ni ìwọ̀n tí omi fi ń sọ̀ kalẹ̀, E ni èyí tó ń di oru, C ni ìlọ́po iyọ̀ nínú táwà sí ti omi tí ẹ ń rà, B ni èyí tí ẹ ní láti dà nù, M ni gbogbo omi tí ẹ máa fi kún un.

```
E = 0.00153 × Q × ΔT
B = E ÷ (C − 1)
M = E + B
```

Fi 340,000 lítà àti 5.1 sínú rẹ̀, E jẹ́ bíi 2,650 lítà ní wákàtí nígbà tí ṣílà bá kún. Ẹ kì í kún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá fi ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ti ojoojúmọ́ fún wákàtí mọ́kànlá, bíi 20,400 lítà ló ń di oru lóòjọ́. Kò sí ẹni tó lè dín ìyẹn kù, òun ló ń gbé ooru lọ. Omi tí atẹ́gùn ń ta sóde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fojú fò ó bí àwọn ike tó ń mú ìkán omi bá ṣì wà ní pípé.

Ẹ ń ra 60,000. Nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000 lítà tó ń gba ibòmíràn lọ. Mú mítà TDS, èyí tó ń fi ìwọ̀n iyọ̀ inú omi hàn, wọn omi inú táńkì tí ẹ fi ń bu kún un, kí o wá wọn ti inú táwà. Lẹ́yìn náà, lọ wo ibi tí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ti ń jáde, kí o lọ lálẹ́, nígbà tí pọ́ńpù ti kú.

Délé Ẹnjiníà

Táńkì: 210. Táwà: 320.

Fáàfù tí a fi ń da omi nù wà ní títì, àwa kò ṣí i rárá. Ṣùgbọ́n mo lọ wo páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Abẹ́ kọ́ńkéré ló gbà wọ gọ́tà, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Omi ń dà níbẹ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi, kò dá dúró. Bọ́ọ̀lù tó ń pa omi ti gbomi sínú, ó rì sí ìdajì, kò lè pa omi mọ́. Mo gbé korobá ogún lítà sábẹ́ rẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi kún.

Bàbá Táwà

320 pín sí 210, ìlọ́po kan àbọ̀. 60,000 pín sí èyí tó ń dànù, 39,600, ìlọ́po kan àbọ̀ náà ni. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn sọ ohun kan náà, nítorí náà mo gba ìṣirò oru yẹn gbọ́. Bí ẹ bá gbé e dé ìlọ́po mẹ́rin, omi tí ẹ máa rà á wá sí 27,200 lóòjọ́. Tánkà mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló kúrò lójoojúmọ́, fún owó bọ́ọ̀lù kan.

Kọngílá Òjòdú

Mo gbà fún Bàbá lórí ti ìwọ̀n márùn-ún, mo ti ń fi ìyẹn dá táwà lẹ́bi tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí kò yé mi. Bí omi tuntun bá ń wọlé tó bẹ́ẹ̀, tí iyọ̀ kò sì kó jọ, kí ló wá dí kọ́ńdẹ́nsà? Ó yẹ kí inú rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí kí ẹ fi fáàfù sílẹ̀ ní ṣíṣí ló dára jù?

Bísí Olómi

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì ti ń dúró dè é. Délé, ẹ ṣí orí kọ́ńdẹ́nsà kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ohun tí mo rò sílẹ̀ ṣáájú: ẹ ò ní rí èépá funfun bíi ti Ìyá Ìbàdàn. Ẹ máa rí awọ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń yọ̀, tí ìka lè nù kúrò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Omi abẹ́ ilẹ̀ Èkó kì í sábà ní kálísíọ̀mù púpọ̀, ó máa ń kan díẹ̀, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Irin yẹn mọ́ lójú nínú kànga, ṣùgbọ́n bí táwà bá ti fi afẹ́fẹ́ lù ú, ó di ìpẹtà pupa tó ń rì. Ẹ̀ ń gbé irin tuntun tó wà nínú 60,000 lítà wọlé lóòjọ́, dípò èyí tó wà nínú 27,000. Èkejì tún burú jù ú lọ. Ó dá mi lójú pé ẹ ń da oògùn sí i, oògùn tó ń pa kòkòrò àti èyí tó ń dáàbò bo irin. Omi tó wà nínú gbogbo ẹ̀rọ yín, táwà àti páìpù pọ̀, mélòó ni?

Délé Ẹnjiníà

Bíi 18,000 lítà, ìyá. Lọ́jọ́ Ajé la máa ń da oògùn sí i.

Bísí Olómi

18,000, èyí tó ń dànù lóòjọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000. Láàárín wákàtí méje sí mẹ́jọ, ìdajì oògùn ọjọ́ Ajé ti wà nínú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá fi mọ́, omi lásán lẹ ní, kòkòrò sì ń fi awọ wọn bo túùbù, ìpẹtà ń lẹ̀ mọ́ awọ náà. Awọ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Bí ẹ bá da 6,800 nù lóòjọ́ bí Bàbá ṣe sọ, oògùn kan náà á tó nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó dín sí ìdajì. Nítorí náà, Kọngílá, omi tó ń ṣàn kọjá kì í fọ kọ́ńdẹ́nsà. Oògùn ló ń kó lọ.

Ṣọlá, ìdí tí ọ̀rọ̀ Lẹ́jíónẹ́là rẹ fi kan ibí yìí gan-an nìyẹn: awọ tó ń yọ̀ yẹn ni ilé rẹ̀. Délé, ní ọjọ́ tí ẹ bá da oògùn kòkòrò sí i, ẹ ti fáàfù ìdanù pa fún wákàtí díẹ̀ kí oògùn lè ríṣẹ́ ṣe.

Ìyá Oníyìnyín, ásíìdì kan wà tí wọ́n ń pè ní súlífámíìkì, ó ń yọ èépá náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó bá yín ṣe é, torí ó ń jẹ síńkì bí ó bá pẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi nù lónìí ná, kí èyí tó wà níbẹ̀ má bàa nípọn sí i.

Ibi tí èmi àti Bàbá kò ti ní fohùn ṣọ̀kan ni ìlọ́po mẹ́rin. Fitóríà Áílàǹdì ni, iyọ̀ òkun ti wọ ọ̀pọ̀ kànga níbẹ̀. 210 yẹn lè jẹ́ àdàlù kànga àti tánkà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìpín kànga lè pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́rin iyọ̀ òkun á sì máa jẹ irin. Mẹ́ta ni màá fi wọ́n sí, kí wọ́n sì fi asẹ́ tó ń gba irin sẹ́nu táńkì.

Bàbá Táwà

Ohun tí Bísí sọ nípa iyọ̀ òkun kò ṣe é jiyàn sí, ṣùgbọ́n wo iye rẹ̀. Ní mẹ́ta, 30,600 lítà lóòjọ́. Ní mẹ́rin, 27,200. Ní mẹ́fà, 24,500. Láti kan àbọ̀ sí mẹ́ta ni owó wà, lẹ́yìn ìyẹn ohun tí à ń jèrè ń kéré. Mo ṣì fara mọ́ mẹ́rin bí ẹ bá ń ra tánkà nìkan. Bí ẹ bá ń dà á pọ̀ mọ́ ti kànga, kí ẹ máa wọn iyọ̀ kúlóráìdì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó yàn. Nọ́ńbà TDS kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìdanù kò tó: bí omi inú táńkì bá kúrò ní 210 sí 400 tí ẹ̀rọ ṣì ń dà á nù ní 840, ẹ ti padà sí ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Délé Ẹnjiníà

Ìròyìn rèé. A ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, a sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, mo sì ní kí púlọ́ńbà gé páìpù náà kó máa jáde síta gbangba níbi tí sìkiọ́rítì jókòó sí. TDS ti ń gòkè.

A ṣí kọ́ńdẹ́nsà ní ọjọ́ Sátidé. Bí ìyá Bísí ṣe sọ gẹ́lẹ́ ló rí: pupa, ó ń yọ̀, mo fi ìka fa ìlà nínú rẹ̀, irin bàbà sì yọ lábẹ́ rẹ̀ tó ń dán. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ike nìkan la lò. Lónìí, ṣílà wà ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún, àlàfo kọ́ńdẹ́nsà jẹ́ 1.7, gáàsì wà ní 38.9. Kò sí àláàmù. Omi táwà ṣì ń jáde ní 32.2.

Ti ògiri ló kù. Máníjà ilé ní àwọn ayálégbé kò ní gbà kí wọ́n wó o. Kọngílá kejì tó wá wò ó ní ká fi ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri ká sì fi agolo gíga gbé ẹnu fáànù kọjá orí rẹ̀. Ṣé agolo yẹn kò ní fún fáànù lọ́rùn? Wọ́n sì tún fẹ́ ra ṣílà kejì lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n kọ ohun tí a fẹ́.

Bàbá Táwà

Fún ṣílà tuntun, má kọ 29.4 síbẹ̀. Kọ wẹ́tì-bọ́ọ̀bù 28, fi ìlàjì ìwọ̀n kún un fún oru tó ń padà, fi àlàfo 3.5 lé e. Ó di 32. Ní kí wọ́n yan ṣílà tó máa fún yín ní gbogbo agbára rẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń wọlé ní 32, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà táwà sí ojú kan náà, kì í ṣe tọ́ọ̀nù lásán. Ẹni tó bá ní òun lè mú àlàfo wá sí méjì fún yín, kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín.

Agolo lè dí fáànù lọ́wọ́ bó bá ga jù tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá fún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táwà ló lè sọ bí mọ́tò yẹn ṣe lè gbé e tó. Ihò ìsàlẹ̀ ògiri ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, kí fífẹ̀ gbogbo ihò náà má kéré sí ẹnu tí táwà fi ń mí, kó sì wà lápá òkun. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí o tún wọn 27.6 àti 28.9 yẹn.

Kọngílá Òjòdú

Èmi rò pé agolo ló máa ṣiṣẹ́. Mo ti rí i níbi kan ní Ìkẹjà, oru kò sì padà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni ògiri wà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́ta.

Délé Ẹnjiníà

Wọ́n ti gbà kí a ṣí ìsàlẹ̀ ògiri apá òkun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Màá wọn méjèèjì ní aago méjì ọ̀sán kan náà, màá sì kọ ọ́ síbí.